Ímeèlì Ẹ̀bẹ̀ tí Olúgbádé Fi Ránṣẹ́ sí Akúrẹ́

Bí o bá tẹ Olúgbádé káfíńtà lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́. Gbogbo wa ní àdúgbò ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí pákó ìrókò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ rọ̀ ju òwú lọ. Mo ti rí i rí tó ń bẹ ewúrẹ́ kan tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó dúró, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, má bínú," kó tó tẹ̀ síwájú.

Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ ìlú Ọbáfẹ́mi ni, inú oko ìrẹsì ni wọ́n bí i sí, ó sì gbà pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé yìí tí kò ní ìdí, ìdí náà kì í sì í ṣe òun. Bí ọbẹ̀ bá jóná, kẹrosíìnì ló lágbára jù. Bí ó bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó kéde àkókò ni kò kéde rẹ̀ dáadáa. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ọkọ á gé pákó, á fá a, á kàn án, ìyàwó á sì kùn ún lọ́dà. Ní ọ̀sán, o máa gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí àwọ̀ búlúù méjì tí ẹlòmíì kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Láti Èkó ni wọ́n ti kó wá sí Mowé, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣeé rà fún ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́ yàrá méjì, wọ́n sì na páànù síwájú rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Delight, orúkọ yẹn ni a sì fi ń pè wọ́n: Bàbá Delight, Ìyá Delight. Àga kéékèèké ti àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni iṣẹ́ tó mú orúkọ Olúgbádé jáde. Ó mọ bí a ṣe ń yí etí rẹ̀ po kí ó má baà gún ọmọ lára. Ó mọ bí ẹsẹ̀ àga ṣe gbọ́dọ̀ yà síta kí ọmọ tó ń mì í síwájú sẹ́yìn má baà ṣubú.

Àga wọ̀nyí ni obìnrin kan rí ní ọdún 2007, nígbà tó wá fún ìsìn alẹ́ ní Redemption Camp. Ìyáàfin Ọláwùnmí Fátúyì ni orúkọ rẹ̀, òun ni ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tuntun kan tí àwọn ẹgbẹ́ kan fẹ́ ṣí ní Akúrẹ́. Ó sùn sílé àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ nítòsí, ó rí àga ní ilé-ìwé àbúrò náà, ó béèrè ẹni tó kàn án. Kí ó tó padà sí Akúrẹ́ ó ti yà sí ṣọ́ọ̀bù Olúgbádé, ó ti jókòó sórí àga ọmọdé kan pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀ láti dán an wò, àga náà kò sì dún. Lẹ́yìn náà ó kọ ímeèlì, ó fi gígùn àti fífẹ̀ àga àti tábìlì tó fẹ́ ránṣẹ́, ó san owó àsansílẹ̀, Olúgbádé sì dá ọjọ́ fún un: ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé ilé-ìwé nínú oṣù kẹsàn-án.

Olúgbádé kò ní kọ̀ǹpútà, kò sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Hàkímù ló máa ń ràn án lọ́wọ́. Hàkímù ni ó ni ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà lẹ́bàá ìdúró ọkọ̀, yàrá kan tí kọ̀ǹpútà mélòó kan tò sí, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń han gooro lẹ́yìn fèrèsé. Ó máa ń ṣí àpótí ímeèlì Olúgbádé fún un, á ka ohun tó wà níbẹ̀, á sì tẹ èsì tí Olúgbádé bá pè jáde.

Iṣẹ́ Akúrẹ́ ń lọ dáadáa títí pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ibafó fi wá. Wọ́n fẹ́ ya ilé ìjọsìn tuntun sí mímọ́, ẹni tí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún sì ti já wọn kulẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Olúgbádé mọ̀ pé ọwọ́ òun kún, ṣùgbọ́n pásítọ̀ ń bẹ̀ ẹ́, Olúgbádé kò sì lè rí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí ó má bá a bẹ̀bẹ̀. Ó gba iṣẹ́ náà. Àwọn pákó tábìlì ilé-ìwé bá dúró ti ògiri. Òjò oṣù kẹjọ ń rọ̀, iná mànàmáná lọ, kò tètè dé, ẹ̀rọ ìfápákó sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn lọ sí Ibafó, ọjọ́ tí ó dá fún Akúrẹ́ ti dé, ó sì ti kọjá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ìyáàfin Fátúyì pè é lórí fóònù. Olúgbádé rí nọ́ńbà náà lórí fóònù tó wà láàárín ìyẹ̀fun pákó, ó tẹjú mọ́ ọn, ó jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́. Obìnrin náà tún pè. Ọkùnrin tó ń bẹ ewúrẹ́ kò lè gbé fóònù. Ọmọ́níkẹ́ ń kun àga lọ́wọ́, ó rí i. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọkọ òun lára, torí ó ń fá ibì kan náà lára pákó kan ṣoṣo títí pákó fi tinrín.

Níkẹyìn Ìyáàfin Fátúyì fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ sórí fóònù pé òun ti kọ ímeèlì. Olúgbádé gba ọ̀dọ̀ Hàkímù lọ. Ìwé náà kò gùn. Ó ní òun ti pè, wọn kò gbé e. Ó ní àwọn tó ni ilé-ìwé yóò pàdé lọ́jọ́ Ajé, wọn yóò sì bi òun ibi tí àga wà. Ó ní: "Ẹ kọ èsì tí mo lè gbé síwájú wọn. Bí àwọn ọmọ yóò bá jókòó sórí ẹní, kí n tètè mọ̀."

Olúgbádé jókòó ti Hàkímù, ó ní kó máa tẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni Olúgbádé fi ń pè é, ohun tó sì pè nìyí, bí Hàkímù ṣe tún un sọ fún mi. Ó ní òun dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá. Ó ní òun yí ká ilẹ̀. Ó ní òun kò yẹ ní ẹni tí èèyàn ń gbéṣẹ́ fún, kí Màmá fi ojú àánú wo òun nítorí Ọlọ́run, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí, nítorí ọjọ́ tí Màmá náà yóò fẹ́ àánú. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ojú ìwé fi kún, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Hàkímù ń tẹ̀, ó ń wo aago tó ń ka àkókò lára kọ̀ǹpútà, ojú ń tì í láti dá àgbà dúró.

Ọmọ́níkẹ́ ló bá wọn níbẹ̀. Ó ti parí ọ̀dà, ọ̀dà pupa ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ó ní kí Hàkímù ka ohun tí wọ́n kọ fún òun. Hàkímù kà á. Ọmọ́níkẹ́ tẹ́tí, kò dá sí i títí tó fi parí, lẹ́yìn náà ó fa àga kan, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Delight, bí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin yìí lójúkojú, ó máa ní kí ẹ dìde. Nínú kọ̀ǹpútà yìí, ta ló máa ní kí ẹ dìde?"

Olúgbádé ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Gbogbo ibi tí ẹ ti bẹ̀ ẹ́ ni mo gbọ́," ni Ọmọ́níkẹ́ tún wí. "N ò gbọ́ ọjọ́ tí àga máa dé."

Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ojú ìwé náà, kò sí ọjọ́ kankan. Hàkímù náà wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí. Obìnrin tó wà ní Akúrẹ́ kò lè gbé ìdọ̀bálẹ̀ síwájú àwọn tó ni ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé. Àní, bí ó bá ka gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn, òun ni yóò tún wá máa tu ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ nínú.

Ọmọ́níkẹ́ ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí òun pe tòun. Hàkímù pa á rẹ́. Tirẹ̀ kò gba àkókò. Ó ní òjò rọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó ní àwọn elétíríìkì kò fún àwọn níná. Ó ní ilé ìlagi tí àwọn ti ń ra pákó ta pákó tútù fún àwọn. Ó ní kí Ìyáàfin ṣe sùúrù, nǹkan tó bá dára kì í yá. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni ara rẹ̀ ń yá gágá, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Olúgbádé ló sọ̀rọ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Delight, òjò kọ́ ló gba iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni."

Ọmọ́níkẹ́ wò ó. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òjò náà kò ha rọ̀ ni? Olúgbádé ní ó rọ̀. Ó ní àmọ́ òjò máa ń rọ̀ lọ́dọọdún nígbà yìí, òun sì mọ̀ kí òun tó dá ọjọ́. Bí òun bá sọ pé òjò ni, obìnrin náà yóò rò pé òjò tún lè ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì ní gba ọjọ́ tuntun gbọ́. Hàkímù sọ pé òun ṣe bí ẹni pé òun ń nu kíbọ́ọ̀dù.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnì kan sunkún jù, ẹnì kan jiyàn jù, ilé àwọn ti pé. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pọ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n dé ibi ọjọ́, Olúgbádé fẹ́ dá Ọjọ́rú fún àga àti tábìlì lápapọ̀, torí ó ń wù ú kí inú obìnrin náà dùn. Ọmọ́níkẹ́ ní rárá. Ó ní kí Hàkímù fi ìwé náà pa mọ́ síbi tí wọ́n ti lè rí i padà, kí àwọn lọ wo ṣọ́ọ̀bù ná. Wọ́n sì lọ lóòótọ́. Wọ́n tú gbogbo àga sílẹ̀, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n tẹ ọ̀dà rẹ̀ bóyá ó ti gbẹ. Gbogbo àga ló ti tó gbé jáde. Wọ́n wá wo tábìlì: ẹsẹ̀ wà, wọn kò tíì fá ojú tábìlì. Olúgbádé ronú iye iṣẹ́ tó kù bí iná bá wà, ó tún ronú rẹ̀ bí iná kò bá sí tí ó jẹ́ ọwọ́ ló fi máa fá a. Ti ìgbà tí iná kò sí ni wọ́n mú. Kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ Hàkímù, wọ́n ti bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀ ní ìdúró ọkọ̀, ó sì ti gbà láti lọ sí Akúrẹ́ lọ́jọ́bọ̀.

Ohun tí wọ́n wá kọ nìyí, bí a bá dá a padà sí èdè wa:

"Ìyáàfin Fátúyì, ẹ kú iṣẹ́. A kò kó àga àti tábìlì yín dé ní ọjọ́ tí a dá. Ẹ̀bi mi ni. Lẹ́yìn tí mo ti gba iṣẹ́ yín, mo tún gba òmíràn, mo sì fi ti yín sẹ́yìn. Nígbà tí mo rí i pé iṣẹ́ kò ní parí lọ́jọ́ tí a dá, ó yẹ kí n pè yín, n kò pè. Nígbà tí ẹ̀yin pè, n kò gbé e. Mo mọ̀ pé èyí ti kó yín sí wàhálà pẹ̀lú àwọn tó ni ilé-ìwé àti àwọn òbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

Bí nǹkan ṣe rí lónìí nìyí. Gbogbo àga ti parí. Èmi fúnra mi yóò kó wọn wá fún yín lọ́jọ́bọ̀ yìí, kí ọjọ́ tó rọ̀. Tábìlì kò tíì parí. Wọn yóò dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwa ni yóò san owó ọkọ̀ ìgbà méjèèjì. Bí ẹ kò bá lè dúró de tábìlì, ẹ sọ fún mi, a ó dá owó tí ẹ san lé e padà fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ńbà mi kò yí padà, n ó sì gbé e nígbàkigbà tí ẹ bá pè.

Olúgbádé, Mowé."

Wọ́n jiyàn lórí ibi méjì. Ọmọ́níkẹ́ fẹ́ kí wọ́n yọ ibi tó ní òun kò gbé fóònù kúrò. Ó ní èèyàn kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé pàṣán lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Olúgbádé ní obìnrin náà ṣáà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá fò ó, yóò dà bí ẹni pé wọ́n rò pé kò mọ̀. Ó wà níbẹ̀. Olúgbádé ní tirẹ̀ fẹ́ fi "ẹ má bínú" mìíràn sí ìparí, ó kéré tán méjì sí i. Ọmọ́níkẹ́ ní ẹyọ kan ti tó fún ẹni tó bá gbọ́. Olúgbádé fi sílẹ̀ fún un, ó sì ń fi ọwọ́ nu orí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Hàkímù ka gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wo orúkọ àti ọjọ́ bóyá ó tọ̀nà, lẹ́yìn náà ó fi ránṣẹ́.

Èsì dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ìyáàfin Fátúyì dúpẹ́ pé wọ́n dáhùn. Ó ní òun yóò retí àga lọ́jọ́bọ̀. Ti tábìlì, ó ní nígbà tí òun kò rí ẹni gbé fóònù, òun ti gbé e fún káfíńtà kan ní Akúrẹ́, òun kò sì lè já ẹni yẹn kulẹ̀. Kí wọ́n dá owó tábìlì padà.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Olúgbádé. Ẹsẹ̀ tábìlì mélòó kan wà ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí kò tún ní olówó mọ́. Ó di fóònù mú, Ọmọ́níkẹ́ sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ lọ bẹ̀. Kò dá a lẹ́kun. Ó kàn bu omi fún un, ó sì jókòó tì í. Olúgbádé mu omi náà tán. Ó pe Ìyáàfin Fátúyì, ó ní òun ti gbọ́, owó yóò padà bí òun ṣe sọ, àga yóò sì dé lọ́jọ́bọ̀. Ó kí i, ó pa fóònù. Ọmọ́níkẹ́ sọ fún mi pé òun kò tíì rí ibi tí ọkọ òun ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbi tó parí sí bẹ́ẹ̀ rí, pé ó wù òun débi pé òun lọ din ẹyin méjì fún un láìjẹ́ pé ó béèrè.

Lọ́jọ́bọ̀ ó bá àga lọ sí Akúrẹ́, ó jókòó ti awakọ̀, ó ń wo ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà bóyá tapólì tí wọ́n fi bo àga ti ṣí. Ọ̀sán ni wọ́n dé. Nígbà tí ó fojú kan Ìyáàfin Fátúyì, ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀bálẹ̀ wà fún. Obìnrin náà ní kó dìde. Ó ní inú ń bí òun, òun kò ní purọ́, ó sì ṣì ń bí òun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí Olúgbádé sọ fún gbogbo wa nígbà tó padà dé.

"Ìwé yín ni mo kà fún wọn lọ́jọ́ Ajé," ni ó wí. "Wọ́n bi mí ní ìgbà wo, mo sì rí ìgbà sọ. Wọ́n bi mí ta ló jẹ̀bi, mo rí i níbẹ̀, n kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbèjà ẹnikẹ́ni. A kúrò lórí rẹ̀, a bọ́ sí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé."

Àwọn òbí kan ti mú ọmọ wọn wá wo kíláàsì lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń já àga sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gba ti wọn. Awuyewuye kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo wọn fẹ́ pupa. Ọmọkùnrin kékeré kan di ẹsẹ̀ àga pupa kan mú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i, òun náà kò sì jókòó. Ó kàn dúró tì í bí ọlọ́dẹ. Olúgbádé bẹ ọmọ náà títí, kò gbọ́.

Owó tábìlì padà sí Akúrẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Olúgbádé parí àwọn tábìlì náà, wọ́n sì wà nílẹ̀ di oṣù kọkànlá kí ilé-ìwé kan ní Ibafó tó rà wọ́n, wọ́n sì dín owó rẹ̀ díẹ̀ torí ó ti sú Ọmọ́níkẹ́ láti máa gbá abẹ́ wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé wá láti Akúrẹ́ pé ilé-ìwé ti kún sí i, wọ́n tún fẹ́ àga. Hàkímù kà á fún tọkọtìyàwó. Olúgbádé bi ìyàwó rẹ̀ ọjọ́ wo ni kí wọ́n dá. Ọmọ́níkẹ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ rìn dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì dìde, wọ́n jọ ń lọ lábẹ́ oòrùn, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, wọ́n ń jiyàn bóyá pupa ni kí wọ́n kun gbogbo rẹ̀.